Bí a ṣe ń fi fésọ̀ wá kọ́ráǹtì inú sákíìtì tó ní rẹ̀sísítọ̀, kọ́ìlì àti kapásítọ̀

Àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ iná ní Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, àti àwọn tó ń múra ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga káàkiri Rẹ́mọ, ojú ibì kan náà ni wọ́n ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á to rẹ̀sísítọ̀, kọ́ìlì àti kapásítọ̀ tẹ̀ léra lórí iná 12 V. Wọ́n á ṣírò iye óòmù tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: 24, 31.4 àti 63.7. Wọ́n á ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di 119, wọ́n á fi í pín 12, ìdáhùn wọn á jẹ́ 0.10 A. Nígbà tí wọ́n bá wá gbé mítà lé e, mítà á ka 0.30 A, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Mítà kò purọ́. Iná àlọ-àbọ̀, irú èyí tó wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa, kò gbà kí a ro óòmù kọ́ìlì àti ti kapásítọ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Sákíìtì yìí gan-an la máa fi ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ lè rí ibi tí 0.30 A ti jáde wá.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ wá tìràǹsífọ́mà kan tó ń sọ 230 V di 12 V, tó sì lè gbé 1 A. Ẹ má ṣe dán ẹ̀kọ́ yìí wò lórí 230 V tààrà, nítorí ẹ máa rí i níwájú pé fóltéèjì orí kapásítọ̀ lè ga ju ti orísun iná lọ dáadáa. Ẹ tún wá rẹ̀sísítọ̀ 20 Ω tó lè gba 5 W, kọ́ìlì 0.1 H, àti kapásítọ̀ 50 µF. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní kapásítọ̀ irú èyí lọ́wọ́, torí òun ló ń bá mọ́tò inú ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́.

Kapásítọ̀ kékeré tó máa ń wà lára bọ́ọ̀dù rédíò, tí wọ́n fi àmì ìyọkúrò sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kò ṣeé lò níbí. Apá kan ṣoṣo ló fẹ́ kí iná ti wọlé. Bí iná bá ń yí ojú padà mọ́ ọn lọ́wọ́, á gbóná, ó sì lè bú. Bí ó bá sì jẹ́ pé ara ẹ̀rọ lẹ ti tú kapásítọ̀ yín, iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ náà. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 10 kΩ so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, mítà kan tó ní ojú `V~` àti `A~`, àti ẹ̀rọ ìṣirò tó ní `sin`, `cos` àti `tan⁻¹`, ti tó.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn nǹkan tó wà nílẹ̀, ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀

Ẹ gbé mítà sí ojú óòmù kí ẹ wọn kọ́ìlì. Wáyà gígùn tí wọ́n wé ni kọ́ìlì, wáyà náà sì ní ìdènà tirẹ̀. Kọ́ìlì tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí ní 4 Ω. Inú ìwé ìdánwò nìkan ni a ti máa ń rí kọ́ìlì tí kò ní ìdènà kankan, nítorí náà ẹni tó bá fi 20 Ω nìkan ṣe ìṣirò kò ní bá ohun tí mítà kà mu. Ìdènà gbogbo sákíìtì wa jẹ́ 20 + 4, ìyẹn 24 Ω.

Ẹ tún wọn fóltéèjì tìràǹsífọ́mà nígbà tí sákíìtì ti wà lórí rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣófo. Tìràǹsífọ́mà kékeré tí wọ́n kọ 12 V sí lára lè máa fún yín ní 13 tàbí 14 nígbà tí kò ru ẹrù kankan. Ní tiwa, 12.0 V ni mítà kà nígbà tí kọ́ráǹtì ń ṣàn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbọ́dọ̀ ti ní nọ́ńbà márùn-ún lórí ìwé báyìí: 12 V, 50 Hz ti iná ilé wa, 24 Ω, 0.1 H àti 50 µF. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ àbá, ẹ sàmì sí i, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ fura sí bí ìdáhùn kò bá bá mítà mu.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ sọ fóltéèjì di fésọ̀

Fóltéèjì tó ń jáde látinú tìràǹsífọ́mà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń kọjá sí apá kejì, ó sì ń padà, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sákíìtì bá ti fara balẹ̀, kọ́ráǹtì àti gbogbo fóltéèjì inú rẹ̀ ń yí ní ìgbà 50 yẹn náà. Nígbà tí iye ìgbà tí wọ́n ń yí kò yàtọ̀ síra, ohun méjì péré ló kù láti fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì: bí ó ṣe tóbi tó, àti bí ó ṣe ṣíwájú tàbí tó rẹ̀yìn sí àwọn yòókù. Títóbi àti igun yìí, tí a kọ pọ̀, ni fésọ̀.

Ẹ mú fóltéèjì orísun ṣe atọ́ka, kí ẹ fún un ní igun òdo:

```
V = 12∠0°
```

Gbogbo igun tó bá jáde lẹ́yìn èyí, sí fóltéèjì yìí la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ lè mú nǹkan mìíràn ṣe atọ́ka bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ láàárín iṣẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: 12 V yìí ni ìwọ̀n tí mítà ń kà. Ṣóńṣó tí fóltéèjì náà ń dé ní tòótọ́ jẹ́ 12 × √2, tó jẹ́ bíi 17 V. Ìwọ̀n mítà lẹ lè lò, ṣóńṣó náà lẹ lè lò, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ lò dópin. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 17, tó wá fi kọ́ráǹtì rẹ̀ wé ohun tí mítà kà, á rí i pé tirẹ̀ fi ìlọ́po 1.41 pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá óòmù kọ́ìlì àti ti kapásítọ̀

Ìdíwọ́ tí kọ́ìlì àti kapásítọ̀ ń fún iná àlọ-àbọ̀ sinmi lórí bí iná náà ṣe ń yára yí tó. `f` ni 50 Hz wa, `L` ni 0.1 H kọ́ìlì, `C` sì ni 50 µF kapásítọ̀:

```
XL = 2πfL     = 2π × 50 × 0.1          = 31.4 Ω
XC = 1/(2πfC) = 1/(2π × 50 × 0.00005)  = 63.7 Ω
```

Ẹ kíyè sí 50 µF tó di 0.00005 kó tó wọ inú ìṣirò. Ẹ tún kíyè sí 2π. Bí ẹ bá rí 5 fún kọ́ìlì àti 400 fún kapásítọ̀, 2π lẹ gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ igun ló kàn, òun sì ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Lórí rẹ̀sísítọ̀, fóltéèjì àti kọ́ráǹtì jọ ń dé ṣóńṣó lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́ìlì kì í fẹ́ kí kọ́ráǹtì inú rẹ̀ yí padà, nítorí náà fóltéèjì rẹ̀ ti máa ń dé ṣóńṣó ṣáájú kí kọ́ráǹtì tó dé tirẹ̀, ìdá mẹ́rin àyípo kan ni wọ́n sì fi ń jìnnà síra, ìyẹn 90°. Ti kapásítọ̀ yí padà sí èyí: kọ́ráǹtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé kí fóltéèjì tó lè pọ̀ lórí rẹ̀, nítorí náà fóltéèjì rẹ̀ ló ń fi 90° rẹ̀yìn.

Àmì tí a fi ń kọ ìdá mẹ́rin àyípo yìí ni `j`. Nọ́ńbà tí a bá fi `j` sọ di púpọ̀ ti yí 90° síwájú. Èyí tí a bá fi `−j` sọ di púpọ̀ ti yí 90° sẹ́yìn. Nítorí náà:

```
rẹ̀sísítọ̀ pẹ̀lú wáyà kọ́ìlì:  24
kọ́ìlì:                       j31.4
kapásítọ̀:                   −j63.7
```

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ojú inú mú `f` ga sókè. Nọ́ńbà kọ́ìlì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, ti kapásítọ̀ sì gbọ́dọ̀ dín kù. Bí tiyín bá ṣe òdì kejì, ẹ ti gbé ìlànà ọ̀kan fún èkejì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ pa wọ́n pọ̀ di ìmpídáǹsì kan

Ìmpídáǹsì, tí a ń kọ bíi Z, ni ìdíwọ́ gbogbo sákíìtì lápapọ̀. Nígbà tí wọ́n to tẹ̀ léra, a máa ro wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ní `j` nìkan la lè rò mọ́ èyí tó ní `j`:

```
Z = 24 + j31.4 − j63.7 = 24 − j32.2
```

Ẹni tó bá yọ 63.7 kúrò lára 31.4 gan-an á rí −32.3, nígbà tí a kò bá gé ìdá wọn kù kí a tó yọ wọ́n, −32.25 ló ń jáde, ìyàtọ̀ náà kò sì tó nǹkan. Ohun tó yẹ kí ẹ rí ni pé kọ́ìlì àti kapásítọ̀ ti jẹ lára agbára ara wọn. Nǹkan bí ìdajì ohun tí kapásítọ̀ mú wá ni kọ́ìlì ti pa rẹ́. Ibẹ̀ ni ìṣirò 119 Ω yẹn ti wó lulẹ̀.

Ó kù kí a sọ Z di títóbi àti igun. Bí ènìyàn bá rin ìṣísẹ̀ 24 sí ìlà-oòrùn, tó wá yà, tó rin 32.2 sí gúúsù, kò jìnnà sí ibi tó ti gbéra tó 56.2. Ọ̀nà tààrà padà sílé kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ:

```
|Z| = √(24² + 32.2²) = 40.2 Ω
igun = tan⁻¹(−32.2 / 24) = −53.3°
```

Ẹ wo ojú ẹ̀rọ ìṣirò yín dáadáa kí ẹ tó tẹ `tan⁻¹`. Bí ó bá kọ `R` tàbí `RAD`, −0.93 ló máa fún yín. Nọ́ńbà yẹn kò burú, ṣùgbọ́n rédíánì ni, kì í ṣe díkírì. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí ènìyàn kọ ọ́ sílẹ̀ bíi −0.93°, kó wá parí èrò sí pé kọ́ráǹtì àti fóltéèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń rìn. Lójú tèmi, àṣìṣe yìí léwu ju gbogbo èyí tó kù lọ, nítorí títóbi Z ṣì máa tọ̀nà, mítà ṣì máa gbà pẹ̀lú ẹ, igun nìkan ló máa bàjẹ́ láìsí ẹni tó fura.

*Àyẹ̀wò:* |Z| gbọ́dọ̀ pọ̀ ju èyí tó tóbi jù nínú 24 àti 32.2 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ kéré sí àpapọ̀ wọn. 40.2 wà láàárín 32.2 àti 56.2.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi Z pín V

Òfin tí ẹ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni, kọ́ráǹtì ni fóltéèjì tí a fi ìdíwọ́ pín. Ohun tó yàtọ̀ ni pé fésọ̀ ni a ń pín: a pín títóbi, a sì yọ igun.

```
I = 12∠0° / 40.2∠−53.3° = 0.2985∠+53.3° A
```

Òdo tí a yọ −53.3 kúrò lára rẹ̀ ni +53.3. Ẹ má jẹ́ kí àmì yìí sọnù. Igun Z jẹ́ ìyọkúrò, ti kọ́ráǹtì jẹ́ ìròpọ̀, àwọn tó ń kánjú sì máa ń da ìyọkúrò kọ sórí méjèèjì.

*Àyẹ̀wò:* ẹ bi ara yín ta ló borí láàárín kọ́ìlì àti kapásítọ̀. Kapásítọ̀ ló borí níhìn-ín, 63.7 sí 31.4. Bí kapásítọ̀ bá borí, kọ́ráǹtì á ṣíwájú fóltéèjì, igun rẹ̀ á sì jẹ́ ìròpọ̀. Ká ní kọ́ìlì ló borí ni, kọ́ráǹtì ì bá rẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní Python lórí kọ̀ǹpútà tún lè fi èyí yẹ ara rẹ̀ wò:

```
import cmath, math
w = 2*math.pi*50
Z = 24 + 1j*(w*0.1 - 1/(w*50e-6))
I = 12/Z
print(abs(I), math.degrees(cmath.phase(I)))
```

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wá fóltéèjì orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò

Kọ́ráǹtì kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Ẹ fi 0.2985 sọ ìdíwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀. Rẹ̀sísítọ̀ 20 Ω á ní 5.97 V. Kapásítọ̀ á ní 19.0 V. Ní ti kọ́ìlì, 4 Ω wáyà rẹ̀ kò ṣeé yọ kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà mítà máa rí wọn pọ̀: √(4² + 31.4²) jẹ́ 31.7 Ω, fóltéèjì rẹ̀ sì jẹ́ 9.45 V.

Níbí yìí ni ọmọ iṣẹ́ ti máa ń pe ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo mítà yìí. Iná 12 V la gbé wọlé, ó ń ka 19 lórí kapásítọ̀."

"Wọn ti kọ́ìlì náà, kí o ro gbogbo rẹ̀ pọ̀."

"Ó lé ní 34, ọ̀gá! Mítà yìí ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́. Ìwọ lo rò wọ́n pọ̀ láìbéèrè igun wọn."

Ọ̀gá náà tọ̀nà. Fóltéèjì kọ́ìlì àti ti kapásítọ̀ kì í jọ dé ṣóńṣó. Nígbà tí ọ̀kan ń tì síwájú, èkejì ń fà sẹ́yìn. Bí a bá pín fésọ̀ wọn sí apá méjì kí a tó rò wọ́n, 12 V á padà jáde. Kọ́ráǹtì ní apá méjì jẹ́ 0.1782 + j0.2394, nítorí 0.2985 × cos 53.3° àti 0.2985 × sin 53.3° ni. Ẹ rántí pé `j × j` jẹ́ −1 nígbà tí ẹ bá ń sọ wọ́n di púpọ̀:

```
rẹ̀sísítọ̀:    3.56 + j4.79
kọ́ìlì:       −6.81 + j6.56
kapásítọ̀:   15.24 − j11.34
àpapọ̀:      11.99 + j0.01
```

*Àyẹ̀wò:* apá àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ padà di 12, apá `j` gbọ́dọ̀ di òdo. Èyí tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ wá látinú ìdá tí a gé kúrò. Bí tiyín bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá fóltì kan lọ, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 4.

Àyẹ̀wò kejì wà tí mo fẹ́ràn, nítorí kò gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ohun tó ní ìdènà nìkan ló ń gbóná. Kọ́ráǹtì tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, tí a tún fi 24 sọ di púpọ̀, jẹ́ 2.14 W. Ní apá orísun, 12 × 0.2985 × cos 53.3° náà jẹ́ 2.14 W. Bí igun bá bàjẹ́ ní Ìgbésẹ̀ 4, ibí yìí ló ti máa hàn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dá a padà sí ìṣẹ́jú àáyá

Bí ìbéèrè bá ní kí ẹ kọ kọ́ráǹtì bó ṣe ń lọ pẹ̀lú àkókò, ìgbà yìí ni ṣóńṣó wúlò. 0.2985 × √2 jẹ́ 0.422 A:

```
i(t) = 0.422 sin(314t + 0.93) A
```

Rédíánì ni 314t, nítorí náà igun tí a fi mọ́ ọn nínú àmì ìkámọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ rédíánì bákan náà. Àyípo kan ń gba mílísẹ́kọ́ǹdù 20 ní 50 Hz, 53.3° nínú 360° jẹ́ bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 3. Kọ́ráǹtì ń dé ṣóńṣó ní mílísẹ́kọ́ǹdù 3 ṣáájú fóltéèjì.

Ẹni tó bá ní òsílóskóòpù lè rí èyí pẹ̀lú ojú: ẹ gbé ojú kìíní sórí fóltéèjì orísun, kí ẹ gbé ojú kejì sórí rẹ̀sísítọ̀ 20 Ω, torí fóltéèjì orí rẹ̀sísítọ̀ ń bá kọ́ráǹtì rìn. Ẹ to sákíìtì náà kí ẹsẹ̀ kan rẹ̀sísítọ̀ wà ní ẹnu kan tìràǹsífọ́mà, kí ìdímú ilẹ̀ òsílóskóòpù méjèèjì sì wà lójú ibẹ̀. Inú òsílóskóòpù, ìdímú ilẹ̀ méjèèjì ti so pọ̀. Bí ẹ bá fi wọ́n sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tó wà láàárín wọn á di wáyà lásán.

Ibi tí iṣẹ́ fésọ̀ mọ

Fésọ̀ kò sọ ohunkóhun nípa ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná. Ohun tó ń dàrú nígbà ìtànná ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, 2L/R ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bó ṣe ń yára kú. Nínú sákíìtì wa, 0.2 tí a fi 24 pín jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù 8.3. Lẹ́yìn ìlọ́po márùn-ún rẹ̀, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 42, ìwọ̀nba tó kù kò tó nǹkan mọ́. Mítà kò tilẹ̀ ní yára tó láti rí i.

Bí ẹ bá lo jenerétọ̀ kékeré nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, 50 Hz lè máà jẹ́ 50 mọ́. Ní 53 Hz, kọ́ìlì á di 33.3 Ω, kapásítọ̀ á di 60.1 Ω, kọ́ráǹtì á sì gòkè láti 0.30 sí 0.33 A, láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ wo `Hz` lórí mítà, bí ó bá ní in, kí ẹ tó sọ pé ìṣirò yín kò tọ̀nà. Ẹ̀rọ ìnfátà tó ń gbé iná onígun mẹ́rin jáde tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: iná rẹ̀ jẹ́ àkópọ̀ 50 Hz àti àwọn mìíràn tó ń yára jù ú lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní Z tirẹ̀. Fésọ̀ kan ṣoṣo kò lè kó gbogbo wọn.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni kọ́ìlì tí wọ́n wé mọ́ irin. 0.1 H tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lè máà jẹ́ 0.1 lábẹ́ kọ́ráǹtì yín, nítorí irin inú rẹ̀ lè ti yó. Bí gbogbo àyẹ̀wò bá tọ̀nà lórí ìwé, tí mítà kò sì gbà, ẹ wọn fóltéèjì orí kọ́ìlì náà àti kọ́ráǹtì nígbà tí iná ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi kọ́ráǹtì pín fóltéèjì, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ yọ ìdènà wáyà tí ẹ ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá gbòǹgbò ohun tó kù. Ní tiwa, 9.45 tí a fi 0.2985 pín jẹ́ 31.7, ohun tó sì kù lẹ́yìn tí a ti yọ 4 Ω lọ́nà yìí jẹ́ 31.4 Ω. Èyí tí ẹ bá rí ni kí ẹ gbé padà sí Ìgbésẹ̀ 3.